Kí ìyá oníbúrẹ́dì tó ra ààrò kejì: bí a ṣe ń tú kéèsì ilé-iṣẹ́

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹrin ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fún wa ní kéèsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ní ìpinnu láti ṣe, olójú-ewé mẹ́fà, lórí ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì nílùú wa níbí, tó fẹ́ yá ₦9,000,000 ní báńkì láti fi ra ààrò kejì. Mo ya àtẹ súwọ́ọ̀tì tó ń ka agbára, àìlera, àǹfààní àti ewu ilé-iṣẹ́, mo kọ ojú-ewé mẹ́jọ, mo sì dá a lábàá pé kí ìyá náà ra ààrò, kó polówó ọjà, kó sì dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. 11 nínú 30 ni mo gbà. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sí i pé: "Ìtàn lo tún sọ fún mi. Àyẹ̀wò dà?" Mo fi kéèsì náà àti ohun tí mo kọ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń wí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?*

Àbúrò, mo ka méjèèjì tán. Nínú ojú-ewé mẹ́jọ tí o kọ, márùn-ún ló kún fún ohun tí olùkọ́ rẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ọdún tí ìyá náà dá iṣẹ́ sílẹ̀, iye òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí ọjà ṣe rí ní Tákíè àti ní Ọ́ńdà Jíì. Lẹ́yìn náà ni àtẹ súwọ́ọ̀tì rẹ wá, tí àbá mẹ́ta sì tẹ̀ lé e lójijì. Kò sí ohun tó so àbá yẹn mọ́ àtẹ yẹn. Bí mo bá yọ búrẹ́dì kúrò níbẹ̀, tí mo fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀, àbá rẹ kò ní yí padà rárá, torí pé kò sí oníṣẹ́ kan láyé tí a kò lè sọ fún pé kó polówó ọjà, kó sì dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí olùkọ́ ń wá ni pé kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àbá rẹ dúró lórí ìdí kan, kí ìdí yẹn sì dúró lórí ẹ̀rí tó wà nínú kéèsì, tí o lè fi ìka tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yẹn ṣe pàtàkì ju bí o ṣe rò lọ, ó sì ní ìtàn. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin Hávádì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi kéèsì kọ́ni, láti 1870, lábẹ́ Christopher Langdell. Ilé-ẹ̀kọ́ okòwò wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, wá gba ọ̀nà náà lò gidi nígbà tí Wallace Donham di olórí rẹ̀ ní 1919. Òun alára, òfin ló kà. Nítorí náà, ojú tí adájọ́ fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni kí o fi ka kéèsì. Ìyá oníbúrẹ́dì sọ ní ojú-ewé àkọ́kọ́ pé, "Ààrò kan kò tó mi mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn yòókù fi ń ṣáájú mi dé ọjà." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ gbà á bí òótọ́ ìdánilójú, o sì fi gbogbo iṣẹ́ rẹ tì í lẹ́yìn. Ó yẹ kí o bi í pé: kí ló jẹ́rìí sí i?

Kí o tó ya àtẹ kankan, kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tó sọ ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu, ìpinnu tó fẹ́ ṣe, àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú kéèsì yìí, ìyá náà ni, ó sì gbọ́dọ̀ dá báńkì lóhùn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé fún sáà tuntun. Gbólóhùn yẹn yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà, nítorí ohunkóhun tí kò bá ràn án lọ́wọ́ láti dá báńkì lóhùn, bí ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ tí wọ́n kọ sí ojú-ewé kejì, o lè fò ó. Ẹni tó kọ kéèsì mọ̀ọ́mọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ há ọ lójú ọ̀nà ni.

Ó wá kan ẹ̀rí lórí ààrò. Ojú-ewé kẹta sọ pé ààrò tó wà nílẹ̀ lè yan búrẹ́dì 1,500 lóòjọ́. Ojú-ewé karùn-ún, nínú àtẹ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀, sọ pé 1,000 ló ń tà lóòjọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílùú, 700 sì ni nígbà ìsinmi. Ẹni tó ń lo ìdá méjì nínú mẹ́ta ààrò rẹ̀ nígbà tí ọjà dára jù, kí ló fẹ́ fi òmíràn ṣe? Ojú-ewé méjì ló ya nọ́ńbà wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá ń kà á bí ìtàn, o kò ní gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láéláé.

Ṣùgbọ́n má rò pé ìyá náà ń parọ́. Òótọ́ ni pé búrẹ́dì rẹ̀ ń pẹ́ dé ọjà. Kéèsì sọ pé tàwọn yòókù ti wà ní Ọ́ńdà Jíì ní aago mẹ́fà àárọ̀, tirẹ̀ kì í kúrò nílé kí aago méje àbọ̀ tó lù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ sì ti ra búrẹ́dì ẹlòmíràn. Àmì àìsàn nìyẹn, o sì gbọ́dọ̀ wá ohun tó fà á. Ní ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan, Taiichi Ohno kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kí wọ́n béèrè "kí ló fà á?" títí dé ìgbà márùn-ún, kí wọ́n má dúró lórí ìdáhùn àkọ́kọ́. Jẹ́ ká ṣe é níbí.

Kí ló fà á tí ọkọ̀ fi ń pẹ́ jáde? Aago mẹ́fà ni búrẹ́dì ń jáde nínú ààrò, ó sì gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó fi nyílọ́ọ̀nù wé e, torí bí wọ́n bá wé e ní gbígbóná, á làágùn nínú nyílọ́ọ̀nù, á sì tètè bu. Kí ló fà á tó fi di aago mẹ́fà? Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi, kí wọ́n gé e, kí wọ́n dì í sínú agolo, kó wú, kí wọ́n tó kó o sínú ààrò. Ojú-ewé kẹrin tiẹ̀ sọ ọ́ ní kedere pé ààrò náà máa ń tutù kalẹ̀ títí di aago mẹ́rin ìdájí. Kí ló fà á tí wọn kò fi tètè pò ó? Fúláwà kì í tíì dé. Kí ló dé tí fúláwà fi ń pẹ́? Ìyá náà kì í ní owó tí yóò fi rà á àfi bí àwọn alágbàtà bá mú owó wá ní ìrọ̀lẹ́. Báàgì mẹ́wàá òòjọ́ ló ń rà, lóòjọ́ lóòjọ́. Kí ló wá fà á tí kò fi ní owó lọ́wọ́, nígbà tó ń ta búrẹ́dì 1,000? Nítorí pé ìlàjì ọjà rẹ̀, àwìn ni, owó àwìn yẹn sì ń lo ọjọ́ mẹ́rìnlá kó tó wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Bí o bá gbé ààrò mẹ́ta sílé tí ó ń pẹ́ rí fúláwà, ààrò mẹ́ta náà ni yóò tutù títí di aago mẹ́rin.

Ní báyìí, fi nọ́ńbà dì í, torí pé ìdí tí kò ní nọ́ńbà, èrò lásán ni olùkọ́ yóò pè é. ₦1,200 ló ń ta búrẹ́dì kan fún alágbàtà. Ọjà òòjọ́ jẹ́ ₦1,200,000, ìlàjì rẹ̀ tó jẹ́ àwìn sì jẹ́ ₦600,000. Ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ₦8,400,000 ló wà níta lọ́wọ́ àwọn alágbàtà nígbà gbogbo. Báàgì fúláwà kan jẹ́ ₦60,000, nítorí náà fúláwà òòjọ́ jẹ́ ₦600,000. Ìyá tí kò rí owó ra fúláwà ọjọ́ kan ní fúláwà ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí o bá kọ gbólóhùn yìí nìkan sínú iṣẹ́ rẹ, olùkọ́ á ti mọ̀ pé o ronú.

Ìṣirò kejì tí kò gbọdọ̀ sọnù ni iye búrẹ́dì tí yóò tà kó tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Kéèsì sọ pé ₦1,000 ló ń ná lórí búrẹ́dì kan, ₦600 fún fúláwà nítorí báàgì kan ń bí 100, ₦400 sì fún ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, gáàsì àti nyílọ́ọ̀nù. Ó ṣẹ́ ₦200 kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù, owó ilé àti àwọn ìnáwó tó ń jáde bóyá ó tà tàbí kò tà jẹ́ ₦3,900,000 lóṣù. Pín in: 3,900,000 ÷ 200 = 19,500 lóṣù, tí í ṣe 750 lóòjọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 26. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, 1,000 ló ń tà, ó sì ń jèrè ₦1,300,000 lóṣù. Nígbà ìsinmi, 700 ló ń tà, ó sì ń pàdánù ₦260,000 lóṣù. Wàyí o, fi gbèsè ààrò lé e. Bí báńkì bá gba 30% lọ́dún, tí yóò sì san án láàárín ọdún mẹ́ta, ₦250,000 ni yóò máa dá padà lóṣooṣù nínú owó tó yá gan-an, èlé oṣù àkọ́kọ́ sì jẹ́ ₦225,000. ₦475,000 nìyẹn. Kí owó tó ń wọlé tó lè ká owó tó ń jáde, ó ní láti ta nǹkan bí 842 lóòjọ́. Ààrò tó fẹ́ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ yóò jẹ́ kí oṣù ìsinmi rẹ̀ burú sí i.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá 30% inú kéèsì bójú mu, wo ìta. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá 2024. 30% kò jẹ́ àsọdùn. Irú àyẹ̀wò ìta kékeré bẹ́ẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pọ̀ ju ohun tó wà nínú kéèsì lọ, torí kéèsì ni wọ́n ní kí o tú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí súwọ́ọ̀tì rẹ, torí mi ò fẹ́ kí o rò pé àtẹ náà kò wúlò. O kọ "owó fúláwà ń gòkè" sí abẹ́ ewu, o sì kọjá lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewu náà tó báwo? Bí báàgì bá fi ₦5,000 péré gòkè, tí ìyá náà kò sì lè fi kún owó búrẹ́dì, ₦50 ló ń kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦200 di ₦150, iye tó gbọ́dọ̀ tà kó tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù sì di 26,000 lóṣù, 1,000 lóòjọ́ gééré. Ìyẹn ni pé gbogbo èrè oṣù tó dára jù lọ yóò pòórá. Báyìí ni àtẹ súwọ́ọ̀tì ṣe ń di àyẹ̀wò: ohun tí o kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye tí yóò kó wọlé tàbí kó jáde. Èyí tí o kò bá lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju pé ó wà, yọ ọ́ kúrò. Tí ohun mẹ́rìnlá tí o kọ bá ṣẹ́ ku mẹ́rin, iṣẹ́ rẹ ti dára sí i nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì jù lọ ni ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á yìn ín, wọn kò ní gbé òmíràn lé orí ìwọ̀n rárá. O nílò mẹ́ta ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè bá èyí tí o fẹ́ràn jà dáadáa. Àkọ́kọ́ níbí ni ààrò tí ìyá náà fẹ́, a sì ti rí i pé kò kan ohun tó ń dá a dúró. Èkejì ni kó dín ọjọ́ àwìn kù láti mẹ́rìnlá sí márùn-ún. Ẹ̀kẹta ni kó yá owó kékeré, ₦3,000,000, kó fi ra fúláwà ọjọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kó má sì fọwọ́ kan àwọn alágbàtà.

Ẹ̀kẹta yìí lágbára, má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ojú-ewé kẹfà sọ pé oníṣòwò fúláwà yóò yọ ₦2,000 lórí báàgì fún ẹni tó bá ra 50 lẹ́ẹ̀kan. ₦20 nìyẹn lórí búrẹ́dì kan, ₦520,000 lóṣù ní sáà ìwé. Èlé orí ₦3,000,000 jẹ́ ₦75,000 lóṣù. Ó yá a, ó sì jèrè ₦445,000 kọjá ti tẹ́lẹ̀, alágbàtà kankan kò sì bínú. Bí o bá dúró síbẹ̀, wàá ní kó lọ yá a. Ṣùgbọ́n gbé e dé oṣù ìsinmi. Pẹ̀lú ₦20 yẹn, ₦220 ló ń ṣẹ́ kù lórí búrẹ́dì kan, 700 lóòjọ́ sì ń mú ₦4,004,000 wá lóṣù. Yọ ₦3,900,000 kúrò, ó ku ₦104,000. Èlé báńkì gba ₦75,000 níbẹ̀. ₦29,000 tó kù kò lè dá owó tó yá gan-an padà. Gbèsè náà yóò ti oṣù ìsinmi wọ sáà tuntun, owó àwìn tó há síta yóò sì ṣì wà níbẹ̀.

Èkejì kò gba èlé. Bí ọjọ́ àwìn bá di márùn-ún, ₦3,000,000 péré ni yóò wà níta, ₦5,400,000 yóò sì padà sílé. Ó tó ra fúláwà ọjọ́ márùn-ún, kó sì ṣẹ́ ku ₦2,400,000 fún oṣù ìsinmi. Fúláwà á wà nílẹ̀ láti ọ̀sán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́, búrẹ́dì á sì ṣáájú aago mẹ́fà dé Ọ́ńdà Jíì. Nítorí òun náà yóò ra báàgì 50 lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì rí ₦20 yẹn lórí búrẹ́dì kan, iye tó gbọ́dọ̀ tà kó má pàdánù yóò wálẹ̀ láti 750 sí 682, nítorí náà 700 ìgbà ìsinmi kò ní jẹ́ àdánù mọ́.

Kí ni ó lè dà á rú? Àwọn alágbàtà lè bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi kò ní gba iṣẹ́ kankan tó bá sá fún ìbéèrè yìí. Dípò kí o kọ "kó bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa", ṣírò iye tó lè sọnù kí ó tó di pé ìpinnu náà kò wúlò. Èrè àtijọ́ jẹ́ ₦1,300,000. Kí ó tó tún rí i ní ₦220 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní láti ta nǹkan bí 23,636 lóṣù, 909 lóòjọ́. Ìyẹn ni pé ó lè pàdánù búrẹ́dì bí 90 lóòjọ́, kí apá rẹ̀ sì ṣì ká a. Kì í ṣe àyè tó fẹ̀ púpọ̀, ó sì yẹ kí o sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò.

Nítorí àyè yẹn kò fẹ̀ ni àbá rẹ fi gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é. Kó má ṣe é nígbà ìsinmi tí alágbàtà ń wá ohun tí yóò fi jágbe. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kó ti ṣe é, nígbà tí búrẹ́dì ń yá. Oṣù àkọ́kọ́, àwìn di ọjọ́ mẹ́wàá: ₦2,400,000 á wọlé, fúláwà ọjọ́ mẹ́rin. Kó kọ́kọ́ fi ìyẹn mú kí búrẹ́dì tètè jáde, kí àwọn alágbàtà rí i pé ọjà tirẹ̀ náà ti ń ṣáájú, nítorí ìyẹn ni ohun tí yóò san fún wọn dípò àwìn. Oṣù kẹta, kó di ọjọ́ márùn-ún. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú ìwé ni kó máa kọ orúkọ alágbàtà, iye tó gbà àti ọjọ́ tó gbà á. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ kò ní gba òmíràn títí yóò fi san. Bí ọjà bá sì wá sábẹ́ 909 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó dúró ní ọjọ́ mẹ́wàá, kó wá fi owó kékeré báńkì dí àlàfo tó kù, níwọ̀n ìgbà tí ìbẹ̀rẹ̀ sáà bá ṣì wà níwájú. Ààrò wá ńkọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọjà bá kọjá 1,350 lóòjọ́ fún odidi sáà kan, kí ìyá náà tún ọ̀rọ̀ báńkì gbé yẹ̀ wò. Báyìí, o ti dá a lóhùn lórí ohun tó béèrè gan-an.

Nígbà tí o bá ń tún un kọ, ìdáhùn ni kó ṣáájú. Ìpínrọ̀ kìíní: kí ìyá náà má yá ₦9,000,000, kó dín àwìn kù sí ọjọ́ márùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Lẹ́yìn náà ni ìdí tí búrẹ́dì fi ń pẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà mẹ́ta náà pẹ̀lú ohun tí o fi wọ̀n wọ́n (ṣé ó kan ohun tó fa ìdádúró, ṣé oṣù ìsinmi lè gbé e, ṣé alágbàtà yóò dúró), lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò àti ewu. Ìtàn ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìpínrọ̀ kan lọ. Níbikíbi tí o bá ti lo nọ́ńbà, kọ ojú-ewé kéèsì tí o ti rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí o bá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ gbé nǹkan kalẹ̀, bí ọdún mẹ́ta tí mo fi san gbèsè ààrò yẹn, sọ pé ìwọ lo gbé e kalẹ̀, kí o sì fi hàn bóyá ìdáhùn yóò yí padà bí ó bá jẹ́ ọdún márùn-ún. Mo ti ṣe é wò: owó tí yóò san fún báńkì ní oṣù àkọ́kọ́ á wálẹ̀ sí ₦375,000, iye tó gbọ́dọ̀ tà lóòjọ́ á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 823. 700 ìgbà ìsinmi kò tíì dé ibẹ̀.